Orúkọ Ipò Ìjọba Lójú Ilé-Iṣẹ́ Aládàáni

Orúkọ ipò nínú iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ń sọ ibi tí òṣìṣẹ́ dé lórí àkàbà ìgbéga. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò sí nínú orúkọ náà, nítorí pé nínú sẹkitéríàtì, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ ní Agodi tàbí ní Aláùsá pé ẹnì kan ti di Pirinsípà Akáńtáǹtì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé onítọ̀hún wà ní ìpele 12, ó sì lè fojú díwọ̀n owó oṣù rẹ̀ àti irú fáìlì tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Ìkẹjà tàbí ní Ọ̀tà kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtàn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní síìfí, fi máa ń wúwo lójú ẹni tó kọ ọ́, tí yóò sì fúyẹ́ lójú ẹni tó ń kà á.

Àkàbà náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìpele 17 ni, ẹni tó jáde ní yunifásítì sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 08. Yóò gun 09, yóò gun 10, yóò sì bọ́ sí 12, nítorí pé kò sí ìpele 11 lórí àkàbà ìjọba àpapọ̀. Ní àárín ìpele 07 sí 14, òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ béèrè pé kí òṣìṣẹ́ lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó lè gbé e ga, lẹ́yìn èyí ni ìdánwò kàn, lẹ́yìn ìdánwò ni ọ̀rọ̀ àyè tó ṣófo. Nítorí náà, ẹni tó bá dé ipò Pirinsípà Akáńtáǹtì láti ìpele 08 ti lo ọdún mẹ́sàn-án ó kéré tán, ó sì ti yege ìdánwò ìgbéga mẹ́ta. Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, tí a bá kọ ọ́ sínú síìfí, wúlò fún ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ju kí a kọ ìpele 12 sílẹ̀ lásán lọ.

Àwọn orúkọ ipò kan wà tí ewu wọn ju pé wọn kò yé ènìyàn lọ: wọ́n máa ń yé ènìyàn sí òdì. Ní ẹ̀ka àwọn òṣìṣẹ́ aláṣekágbá nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó wà ní ìpele 14 ń jẹ́ Ṣíìfù Ẹsẹkútífù Ọ́físà. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀gá pátápátá, ẹni tí kò sí ẹlòmíràn lókè rẹ̀ àfi ìgbìmọ̀ olùdarí. Ẹni tó bá fi orúkọ yìí ránṣẹ́ láìṣàlàyé yóò dà bí ọlọ́sọ̀ọ́ lójú àwọn kan, bí òpùrọ́ lójú àwọn mìíràn. Dáyírẹ́kítọ̀ náà ń kọ́? Nínú iṣẹ́ ìjọba, òun ni olórí ẹ̀ka kan ní ìpele 17, Akọ̀wé Àgbà ló sì ń jábọ̀ fún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ní 2020, dáyírẹ́kítọ̀ ni ẹni tí wọ́n yàn láti darí ilé-iṣẹ́ náà, tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, tí òfin sì lè dì mú nítorí ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe. Ní báńkì, ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ọ́físà jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, wọn kò tí ì dé ipò máníjà. Olùtọ́jú ètò kan tó ti ń ṣàkóso ogún ènìyàn ní mínísírì lè tipa bẹ́ẹ̀ dà bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ báńkì.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ máa ń sá lọ bá ni pé kí wọ́n fi orúkọ tuntun bo orúkọ àtijọ́ mọ́lẹ̀. Igbákejì dáyírẹ́kítọ̀ á sọ ara rẹ̀ di máníjà àgbà. Olùtọ́jú fáìlì á di ọ̀gá ìmọ̀. Èyí kò bọ́gbọ́n mu rárá. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe yóò kọ̀wé sí mínísírì láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, èsì tí yóò sì padà wá yóò ní orúkọ ipò gan-an nínú, pẹ̀lú ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Bí èsì náà bá ta ko síìfí, kò sí àlàyé tí yóò tún un ṣe. Ohun tó yẹ ni kí orúkọ ìjọba dúró bó ṣe wà, kí àlàyé ṣókí sì tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà: Pirinsípà Akáńtáǹtì, iṣẹ́ máníjà ìsanwó àti àbójútó ìṣúná. Apá àkọ́kọ́ wà fún ẹni tí yóò ṣèwádìí, apá kejì wà fún ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́.

Wàhálà tó tún jinlẹ̀ ju ti orúkọ lọ wà nínú bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe kọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá jáde láti mínísírì, ẹni tó kọ ọ́ kì í fọwọ́ sí i ní orúkọ ara rẹ̀. Yóò fọwọ́ sí i fún Akọ̀wé Àgbà, lẹ́tà náà á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ní kí ó kọ ọ́. Nínú fáìlì, yóò kọ àbá sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á kọ ọ́ sí ọ̀gá tirẹ̀, ẹni tó wà lókè pátápátá á kọ pé òun fọwọ́ sí i. Ètò yìí ní ìdí tó dára: ọ́fíìsì ló ń ṣe ìpinnu, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ náà á ti gbàgbé pé òun lòun ro àbá náà, òun lòun ṣírò iye rẹ̀, òun sì lòun sáré tẹ̀ lé e títí ó fi parí. Bí wọ́n bá ní kí ó kọ ohun tó ṣe, ohun tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà fún ni yóò kọ.

A lè mú obìnrin kan bí àpẹẹrẹ, Pirinsípà Akáńtáǹtì ní mínísírì ètò ìlera ti ìpínlẹ̀ kan, tó fẹ́ gba iṣẹ́ máníjà ìṣúná ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ohun àkọ́kọ́ tí síìfí rẹ̀ fi hàn ni pé ó ti ṣiṣẹ́ ní mínísírì mẹ́rin láàárín ọdún mọ́kànlá. Lójú ẹni tó ń gbani síṣẹ́, ó dà bí ẹni tí kì í lè dúró síbì kan. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì Olùṣirò Owó Àgbà ìpínlẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, òun náà ló sì ń pín àwọn akáńtáǹtì káàkiri àwọn mínísírì, tó ń ṣí wọn nípò padà láti ìgbà dé ìgbà kí ẹnì kan má bàa pẹ́ jù nídìí owó kan. Nítorí náà, agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó yẹ kó kọ sórí ìwé, kí mínísírì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ibi tí wọ́n gbé e lọ. Àtúnṣe kékeré yìí nìkan ń yí bí wọ́n ṣe ń wo òṣìṣẹ́ padà.

Lábẹ́ orúkọ ipò rẹ̀, ohun tó kọ nìyí: "Mo jẹ́ olórí ẹ̀ka ìsanwó. Mo ń ṣe ìwé ìsanwó, mo ń tọ́jú ìwé fóòtì, mo ń dáhùn kúẹ́rì àwọn aṣàyẹ̀wò owó, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn fún mi." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wà nínú ìwé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba púpọ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó sì yẹ kó kọ́kọ́ kúrò. Àwọn yòókù jóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú wọn fara pamọ́. Kí ó tó lè hàn, a ní láti tẹ̀ lé owó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ká ní agbaṣẹ́ṣe kan kó ohun èlò yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá sí mínísírì. Kí wọ́n tó lè san owó rẹ̀, àṣẹ Akọ̀wé Àgbà, ẹni tí òfin fi ṣe alábòójútó owó mínísírì, gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì. Akáńtáǹtì yóò kó ìwé mẹ́ta jọ: ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ra ọjà, ìwé tí agbaṣẹ́ṣe fi béèrè owó rẹ̀, àti ìwé tí ilé ìkẹ́rùsí fi jẹ́rìí pé ọjà wọlé. Yóò wò ó bóyá iye àti owó orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Bí ilé ìkẹ́rùsí bá gba páálí méjìdínlógún tí agbaṣẹ́ṣe sì ń béèrè owó ogún, ibẹ̀ ni owó náà dúró. Ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ohun tí wọ́n ń san owó fún ní ẹ̀ka ìsanwó wọn ni, torí ibẹ̀ ni jìbìtì àwọn alátajà ti máa ń wọlé. Àmọ́ wọn kò lè mọ̀ pé òun ni obìnrin yìí ń ṣe nígbà tó bá kọ pé òun ń ṣe ìwé ìsanwó.

Lẹ́yìn ìyẹn, yóò ṣí ìwé fóòtì. Fóòtì ni iye tí ètò ìṣúná ọdún yà sọ́tọ̀ fún irú ìnáwó kan, ìwé náà sì ń fi iye tí wọ́n ti ná, iye tí wọ́n ti ṣèlérí àti èyí tó kù hàn. Kókó rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n ti ṣèlérí: kí owó tó jáde rárá, iṣẹ́ tí wọ́n ti gbé fún ènìyàn ti gba àyè lára fóòtì. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iye tó wà ní báńkì ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì gbàgbé gbèsè tó ń bọ̀. Nítorí náà, èdè tó yẹ fún títọ́jú ìwé fóòtì ní ilé-iṣẹ́ ni pé ó ń dáàbò bo ìṣúná ẹ̀ka márùn-ún, kò sì jẹ́ kí ẹ̀ka kankan ṣèlérí ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Kí owó tó jáde, yóò yọ owó orí ọjà, èyí tó ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2020, àti owó orí tí òfin ní kí wọ́n yọ lára owó agbaṣẹ́ṣe, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Fáìlì á lọ bá aṣàyẹ̀wò inú ilé, tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó sanwó. Bí àṣìṣe kan bá wà, fáìlì á padà. Ní ìparí oṣù, yóò fi ìwé owó mínísírì wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́, yóò sì ṣàlàyé gbogbo ìyàtọ̀. Iṣẹ́ tí a kà kalẹ̀ yìí ní orúkọ ní ilé ìwòsàn aládàáni náà: yíyọ owó orí, àyẹ̀wò kí a tó sanwó, àti ìfiwéra ìwé báńkì.

Ohun tó kù ni iye. Òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń sọ pé iṣẹ́ òun kò ní èrè, kò sì ní ọjà, nítorí náà kò sí ohun tí òun lè kà. Ṣùgbọ́n ìjọba ń fi nọ́ńbà sí nǹkan ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwé ìsanwó ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ti December bá parí sí 1140, ó jẹ́ ìwé 95 lóṣù kan. Ìwé àkọsílẹ̀ tó ń fi ìrìn fáìlì hàn ní ọjọ́ tí fáìlì wọlé sọ́dọ̀ aṣàyẹ̀wò àti ọjọ́ tó jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, obìnrin náà ránti pé ní ọdún kan, fáìlì ń padà wá láti ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò lemọ́lemọ́, ó sì ṣe ojú ìwé kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi yẹ gbogbo ìwé wò kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó padà lọ wo àkọsílẹ̀, ó rí i pé fáìlì 14 ló padà ní March, mẹ́ta péré ló sì padà ní September. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí pé ní ojú tirẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

Àtúnkọ rẹ̀ wá dà báyìí: "Mo ṣàkóso òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó ń ṣe ètò nǹkan bí owó 95 fún àwọn agbaṣẹ́ṣe lóṣooṣù. Mo ń fi ìwé ìrajà, ìwé ìbéèrè owó àti ìwé ìgbàwọlé ọjà wé ara wọn kí owó tó jáde. Mo dá ìwé àyẹ̀wò kan sílẹ̀ tó mú kí fáìlì tó ń padà láti ọ̀dọ̀ aṣàyẹ̀wò inú ilé dín kù láti 14 lóṣù sí mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Mo ń tọ́jú ìṣúná ẹ̀ka márùn-ún." Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí kò wọ sẹkitéríàtì rí lè kà á, yóò sì mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀nà kan láti dán an wò ni pé kí òṣìṣẹ́ fún ìbátan kan tó ń tajà ní ìwé náà. Bí onítọ̀hún bá ní láti béèrè ohun tí fóòtì jẹ́, iṣẹ́ kù.

Ààlà wà fún ohun tí ènìyàn lè kọ. Òfin àṣírí ìjọba ti 1962 ṣì ń ṣiṣẹ́, ìwé tó wà nínú fáìlì kì í sì í ṣe ti òṣìṣẹ́. Kò yẹ kó ya fọ́tò ojú ìwé, kò sì yẹ kó dárúkọ agbaṣẹ́ṣe tàbí iye tí wọ́n san fún ẹnì kan pàtó. Iye ìṣúná mínísírì yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé òfin ìṣúná jẹ́ ohun tí gbogbo ayé lè kà. Láti ibẹ̀ ló ti lè mú iye ńlá tó fẹ́ lò. Ohun mìíràn tó ń ko àwọn òṣìṣẹ́ sí wàhálà ni pé wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú síìfí pé àwọn ń gbani nímọ̀ràn fún owó ní àfikún sí iṣẹ́ wọn. Àtẹ karùn-ún nínú ìwé òfin 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba alákòókò kíkún láyè láti ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ìmọ̀ aládàáni, yàtọ̀ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ láti fi gba iṣẹ́ ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sórí ìwé. Ẹni tó ní oko kò ní ìṣòro.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí kò ní ìtumọ̀ ní òdìkejì, torí pé òṣìṣẹ́ náà kò ṣe wọ́n rí. Mínísírì kì í ta ọjà láwìn, nítorí náà obìnrin yìí kò lépa oníbàárà tó jẹ gbèsè rí. Kò ṣírò iye tí iṣẹ́ abẹ kan ń ná ilé ìwòsàn, kò sì mọ ohun tí à ń pè ní èrè lórí iṣẹ́ kan. Ìjọba ti ń bá ètò ìṣirò tó ń ka gbèsè àti dúkìá lọ láti 2016, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, owó tó wọlé àti owó tó jáde ṣì ni akáńtáǹtì ń rí lójoojúmọ́. Bákan náà, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aládàáni máa ń fẹ́ rí ìṣirò oṣù tó kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí oṣù tuntun bá wọlé. Ìjọba kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ńlá bo àlàfo yìí, ìbéèrè kejì ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni yóò tú u. Ó sàn kó sọ pé òun mọ àbójútó owó tó ń jáde dáadáa, pé ẹ̀gbẹ́ owó tó ń wọlé ni òun ń kọ́. Ẹ̀rí tó lè bò ó níbí ni ìwé ẹ̀rí Áíkàn tàbí ti Ánàn, torí àwọn méjèèjì kì í béèrè ibi tí akáńtáǹtì ti ń ṣiṣẹ́, ìdánwò wọn sì ní èrè àti àdánù nínú.

Ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ṣàkóbá jù, òun sì ni "a". Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe nígbà tí fáìlì ń padà wá?" Obìnrin náà á ní, "A gbé ìgbésẹ̀, a sì rí i pé ó dín kù." Ìwà ọmọlúàbí ni lójú tirẹ̀, ìwà sẹkitéríàtì sì ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Kò ní láti gba iyì ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lè sọ pé dáyírẹ́kítọ̀ fọwọ́ sí i, pé òun lòun kọ ojú ìwé àyẹ̀wò náà, òun lòun kọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe ń lò ó, òun sì lòun ń ka iye tó ń padà lóṣooṣù. Gbogbo rẹ̀ jóòótọ́, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù.

Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé mẹ́ta ni yóò mú jáde ní mínísírì: lẹ́tà tó gbà á síṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn, àti lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n gba ìkọ̀wéfipòsílẹ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó kàn dẹ́kun àtiwá síbi iṣẹ́ kì í rí èyí tó kẹ́yìn gbà, orúkọ rẹ̀ lè máa wà lórí ìwé owó oṣù nìṣó, ọ̀rọ̀ á sì di ti ẹjọ́. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tó bá ti wà lábẹ́ ètò òfin 2014 kò ní ṣí àkáǹtì tuntun. Nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn náà. Yóò fún ẹ̀ka owó oṣù ní nọ́ńbà náà lọ́jọ́ tó bá wọṣẹ́, wọn yóò sì máa fi ìdá 8 láti owó rẹ̀ àti ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan náà tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀.